Ẹnu Ni Kí Ẹ Fi Wá Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Yín Ti Ń Kọsẹ̀

Ẹni tó ń kọ ìtàn tàbí àpilẹ̀kọ ní Yorùbá sábà máa ń fi ojú nìkan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ojú á rí lẹ́tà tó fò, á rí àmì ohùn tó sọnù, àmọ́ kò ní rí ibi tí gbólóhùn ti ń kọsẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ojú rẹ̀ á sì fò lọ bá a níbẹ̀. Ẹnu kì í tètè fo nǹkan bíi ti ojú. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ pè, èémí ẹni náà sì níwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ohun gbogbo tí mo bá kọ sókè kí n tó gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Tí ìwé bá ti tẹ̀ jáde, ẹlòmíràn ni yóò máa kọsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìkọsẹ̀ tí mò ń sọ ni èyí tí òǹkọ̀wé kò pète: ibi tí èémí tán kí ọ̀rọ̀ tó délé, ibi tí ìró kan náà ń padà wá láìnídìí, ibi tí òǹkàwé ní láti padà sẹ́yìn kó tún gbólóhùn mú. Èyí tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yàtọ̀. Èdè wa fẹ́ràn àwítúnwí, tí ẹ bá sì ń gé gbogbo ohun tó bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó gé adùn rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Màá fi ìpínrọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ láìpẹ́, kí a lè rí méjèèjì lójúkojú.

Kíkà àkọ́kọ́: sàmì sí i, má tún un ṣe

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà sùn mọ́jú, ó kéré tán. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì gbóná lọ́kàn yín, ohun tó wà lọ́kàn lẹ ó kà, kì í ṣe ohun tó wà lójú ìwé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí àlàfo tó tó yín í kọ nǹkan wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ lò, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kí ẹ sì yí i padà sí irú lẹ́tà tí ẹ kò fi kọ ọ́, kó lè ṣàjèjì sí yín díẹ̀.

Ní Èkó, àsìkò tí èèyàn fi ń kàwé sókè ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, ẹ ó máa pariwo kí ẹ tó gbọ́ ara yín, ẹni tó ń pariwo kì í sì í ní èémí gígùn. Gbólóhùn tí kò ní àbùkù kankan á wá dà bí èyí tó gùn jù. Ìdájí ni mo fẹ́ràn, kí dáńfó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ní Yábàá.

Ohùn tí ẹ fi ń bá ará ilé yín sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi kà á. Ẹ má ṣe fi ohùn ewì kà á, nítorí pé ohùn ewì máa ń bo àṣìṣe: ẹni tó ń fa ohùn á fa ọ̀rọ̀ burúkú náà títí yóò fi dùn. Ẹ mú bírò dání. Níbi tí ahọ́n bá ti lọ́, ẹ fa ìlà kékeré kan sí i. Níbi tí èémí bá ti tán, ẹ fi òbìrí yí i ká. Níbi tí etí yín bá ti gbọ́ ìró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ fa ìlà wíwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àmì mẹ́ta yìí tó. Ẹ má dúró tún nǹkan kan ṣe, nítorí tí ẹ bá ti dúró, ẹ ti pa ìrìn gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá òun náà ń kọsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ kà sí. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lè jẹ́ ẹ̀bi ẹnu yín, pàápàá tí ẹ bá ti ń kà fún ìgbà pípẹ́. Ojú ìwé méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àárẹ̀ ni ẹ ó máa sàmì sí.

Ẹ ka ara yín sílẹ̀ sórí fóònù

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù, nítorí ìkọsẹ̀ tó le jù ni èyí tí ẹnu ti bá yín tún ṣe láìsọ fún yín. Ẹnu ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ kí fáwẹ̀lì méjì kọlu ara wọn. Ìwé sọ pé «ní ọwọ́», ẹnu á pe «lọ́wọ́». Ìwé sọ pé «tí ó», ẹnu á pe «tó». Ẹ kò ní mọ̀ pé ẹ yí i padà, nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Òǹkàwé tó ń fi ojú kà á, ohun tó wà lórí bébà ló máa rí, á sì máa dúró síbi tí ẹ̀yin kò dúró sí.

Torí náà, ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà. Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ́tí sí i pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, kí ìka yín máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbikíbi tí ohùn bá ti yàtọ̀ sí ìwé, ẹ sàmì sí i. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fò, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi kún un, ó lè jẹ́ ìsúnkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn ló tọ̀nà, ìwé ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹnu bá sún kì ni kí ẹ gbé sórí bébà. «Nílé», «lọ́wọ́», «sórí», «tó», «kó»: ojú gbogbo wa ti mọ ìwọ̀nyí. Àmọ́ ẹnu tún máa ń pe «ará ilé» bíi «aráalé». Ẹ fi í sílẹ̀ ní «ará ilé», nítorí òǹkàwé yóò fúnra rẹ̀ pè é bó ṣe yẹ, tí ẹ bá sì kọ ọ́ bí ẹnu ṣe pè é, ojú á dúró wò ó. Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí: tí mo bá ti rí ìsúnkì náà lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìwé tí ẹlòmíràn kọ, mo lè lò ó. Tó bá jẹ́ etí nìkan ló mọ̀ ọ́n, mo fi í sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tí àìsí àmì ohùn fà

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbólóhùn tò, ẹ wo ibi tí ẹ sàmì sí dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àmì ohùn ni kò sí níbẹ̀, pé gbólóhùn náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi fóònù kọ nǹkan, a sì máa ń fi àmì sílẹ̀ pé a ó padà wá fi sí i. Ẹ gbìyànjú láti ka èyí sókè: «Iya ko fe ki omo naa ko ise.» Ẹnu á dé «ko» kejì, á dúró. Ṣé ọmọ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ni, àbí ó fẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀? Méjèèjì bá ibẹ̀ mu, àmì kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ẹ rántí pé «kọ̀», tó ní ohùn ìsàlẹ̀ tó bá dá dúró, máa ń bọ́ sí ohùn àárín tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, torí náà a ó kọ ọ́ ní «kọ iṣẹ́», àwọn tó máa ń fi àmì ìsàlẹ̀ sí i níbẹ̀ sì máa ń ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ẹ fi gbogbo àmì sí i kí ẹ tó tún iṣẹ́ náà kà. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni ìkọsẹ̀ gidi.

Ìpínrọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ ka èyí sókè, kí ẹ sì sàmì tiyín sí i kí ẹ tó ka tèmi:

«Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó ń ta aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn ní ọjà Balógun, mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí. Ọkọ̀ wa gun afárá náà, afárá náà sì gùn, nítorí pé afárá náà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 gùn tó kìlómítà 11.8. Awakọ̀ kò sọ̀rọ̀. Kọ̀ńdọ́ kò sọ̀rọ̀. Àwa èrò náà kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Adéníjì, mo ra ìpékeré ní ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó gbé e sí orí, mo sì jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, oòrùn ti mú, wọ́n sì ti pàtẹ aṣọ wọn tán síwájú ìsọ̀ wọn kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.»

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló gba òbìrí. Èémí tèmi tán ní «Balógun», bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ṣe, ìyẹn wíwọ ọkọ̀, kò tíì wáyé. «Tí» mẹ́ta ló so mọ́ra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó wà nínú àlàyé ti ìṣáájú. Ẹ tún gbọ́ «ní Ìsẹ́yìn ní ọjà Balógun»: etí á kọ́kọ́ rò pé ọjà Balógun wà ní Ìsẹ́yìn. Kọ́mà kò lè wo èyí sàn. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí ẹ béèrè pé ta ló ṣe kí ni, kí ẹ fi ìyẹn síwájú, kí ìyókù wá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àtúnṣe tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni: «Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí. Ọjà Balógun ni mò ń lọ.» Ẹ kà á sókè. Èémí ti tó, àmọ́ «ni mo» àti «ni mò ń» wá ń tẹnu mọ́ nǹkan méjì tẹ̀ léra, òǹkàwé kò sì mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú wọn. Àtúnṣe máa ń bí ìkọsẹ̀ tuntun lọ́nà yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan lọ ní pẹ̀lẹ́: «Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí. Ọjà Balógun ni mò ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ òkè Ìsẹ́yìn.» «Tí wọ́n hun ní» ti kúrò, kò sì sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ aṣọ òkè Ìsẹ́yìn mọ ibi tí wọ́n ti hun ún.

Gbólóhùn kejì ní ìṣòro méjì. Àkọ́kọ́, «afárá náà» wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, «gun» àti «gùn» sì ń lé ara wọn kiri. Mo fẹ́ràn «gun» àti «gùn» tó dojú kọ ara wọn, ohùn àárín pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Eré ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gé e. Ohun tó bà á jẹ́ ni «gùn» kẹta tó wọlé pẹ̀lú àlàyé. Eré ìró kì í gba àlàyé. Ìṣòro kejì ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà kúrú lójú, ó gùn lẹ́nu. «1990» lórí bébà kò ju àmì mẹ́rin lọ, àmọ́ ẹnìkan á pè é ní «ẹgbàá ó dín mẹ́wàá», ẹlòmíràn á pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní ilé ìwé, ẹ̀yin kò sì mọ èyí tí òǹkàwé yín máa lò. Ẹ fi nọ́ńbà síbi tí gbólóhùn ti fẹ́ sinmi, kó má bàa wà láàárín olùṣe àti ìṣe. Níbí yìí, òótọ́ ni pé ọdún 1990 ni wọ́n ṣí afárá Tọ́ọ̀dù Méńlàǹdì, òótọ́ sì ni gígùn rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tí èrò inú ọkọ̀ fẹ́ fi ọdún náà ṣe. Màá gbé e lọ sí ìpínrọ̀ mìíràn: «Kìlómítà bíi 11.8 ni afárá yìí. Wọ́n ṣí i ní 1990.» Ohun tó kù níbí ni «Ọkọ̀ wa gun afárá, afárá sì gùn.»

«Awakọ̀ kò sọ̀rọ̀. Kọ̀ńdọ́ kò sọ̀rọ̀. Àwa èrò náà kò sọ̀rọ̀.» Etí gbọ́ ìró kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti fa ìlà wíwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ pa ìlà náà rẹ́. Ọ̀nà tí mo fi ń dá àwítúnwí tó dára mọ̀ ni pé kí n yọ ọ̀kan kúrò, kí n tún kà á. Tí ìtumọ̀ bá dín kù, a nílò rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ tí kò sọ̀rọ̀ nínú dáńfó jẹ́ nǹkan ìyanu, ẹsẹ̀ kẹta tó sì fi «náà» gùn sí i ni ó ń pa wá pọ̀ mọ́ ìdákẹ́jẹ́ wọn. Ẹ wá fi wé «afárá náà» mẹ́ta òkè yẹn. Tí ẹ bá yọ méjì kúrò níbẹ̀, kò sí ìtumọ̀ kan tó sọnù.

Gbólóhùn ìpékeré dára lójú. Fóònù ló tú u fó: ohùn sọ «lọ́wọ́», ohùn sọ «sórí», bébà sọ «ní ọwọ́» àti «sí orí», bẹ́ẹ̀ «tó» tí wọ́n ti sún kì wà láàárín wọn. Ohun tó ń mú ẹnu kọsẹ̀ ni pé irú méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ lódindi lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó wúwo, àdúrà tàbí òfin fún àpẹẹrẹ, àmọ́ ìtàn ẹni tó ń jẹ ìpékeré nínú ọkọ̀ fẹ́ ohùn tó fúyẹ́: «mo ra ìpékeré lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó gbé e sórí, mo sì jẹ ẹ́ tán ká tó dé Ìdúmọ̀tà.»

Ìparí ìpínrọ̀ náà ni ahọ́n mi ti lọ́ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «nígbà tí mo fi máa dé», ó sì parí pẹ̀lú «kí n tó dé», ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka «wọn» inú rẹ̀: wọ́n, wọn, wọn, wọn. Ọ̀wọ̀ ló fà á. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbà, a ó lo «wọ́n», bó sì ṣe yẹ nìyẹn, àmọ́ gbólóhùn tí àgbà wà nínú rẹ̀ máa ń kún fún ìró kan yìí láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fura. Ẹ má yanjú rẹ̀ nípa pípe ìyá àgbà ní «ó». Àwọn «wọn» tó ń sọ ẹni tó ni nǹkan ni kí ẹ yọ: a ti mọ̀ pé aṣọ wọn ni, a mọ̀ pé ìsọ̀ wọn ni. «Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, oòrùn ti mú, wọ́n sì ti pàtẹ aṣọ síwájú ìsọ̀.» «Wọ́n» kan ṣoṣo ló kù, ọ̀wọ̀ náà sì wà níbẹ̀ digbí.

Odindi rẹ̀ rèé báyìí:

«Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí. Ọjà Balógun ni mò ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ òkè Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ wa gun afárá, afárá sì gùn. Awakọ̀ kò sọ̀rọ̀. Kọ̀ńdọ́ kò sọ̀rọ̀. Àwa èrò náà kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Adéníjì, mo ra ìpékeré lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó gbé e sórí, mo sì jẹ ẹ́ tán ká tó dé Ìdúmọ̀tà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, oòrùn ti mú, wọ́n sì ti pàtẹ aṣọ síwájú ìsọ̀.»

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu níbẹ̀: «ká tó dé» àti «kí n tó dé» súnmọ́ra, ẹnu sì ń gbọ́ ọ. Mo lè sọ ọ́ di «mo sì jẹ ẹ́ tán dé Ìdúmọ̀tà». Mo kà á bẹ́ẹ̀, ó sì lọ geerege. Ẹ ó rí i pé mi ò rí èyí títí tí mo fi ka odindi rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe tún gbólóhùn kan kà lóun nìkan lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹ padà sẹ́yìn ní gbólóhùn méjì, kí ẹ gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹ sì kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fún ẹlòmíràn kà

Ẹni tó kọ nǹkan ti mọ orin rẹ̀, lẹ́yìn kíkà mélòó kan, ẹnu rẹ̀ á ti há a sórí. Nígbà yẹn, ẹ fún ẹni tí kò rí i rí. Àbúrò mi ni mo máa ń fún. Mi ò ní sọ ohun tó dá lé fún un, mi ò sì ní jẹ́ kó fi ojú kà á tẹ́lẹ̀. Èmi á mú ẹ̀dà kejì dání, màá máa sàmì.

«Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ò yé mi, ṣé kí n tún un kà?» Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn.

«Rárá, máa lọ. Má wẹ̀yìn.»

Tó bá tún un kà, á kà á dáadáa, èmi á sì pàdánù ohun tí mo ń wá. Ibi tó bá ti fa ẹsẹ̀, tó bá ti gbé ohùn sókè bíi pé ìbéèrè ni, tàbí tó bá ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọ́pò tèmi, gbogbo rẹ̀ ni mo ń sàmì sí. Ọ̀rọ̀ tó fi rọ́pò tèmi wúlò púpọ̀, nítorí ohun tí ẹnu aláìmọ̀kan ń retí níbẹ̀ nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, òun ló dára jù.

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ó dùn. Á ní ó dùn. Àmì orí bébà ni kí ẹ gbà gbọ́. Tí òun náà bá kọsẹ̀ síbi tí ẹ̀yin ti kọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì rò pé ẹ ti tún un ṣe, ẹ jáwọ́ nínú ìyípadà ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Ẹ pa gbólóhùn náà rẹ́, ẹ gbé bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún un lẹ́nu. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ni kí ẹ kọ.